Lẹ́tà Ẹ̀sùn Nítorí Agolo Mílíìkì

Ohun tó máa ń jí mi nílé wa nígbà èwe kì í ṣe àkùkọ, kì í sì í ṣe aago. Ìró ìdérí ni. Ìdérí agolo mílíìkì á dún gbà, ìdérí ike gàrí á dún pàkà, ilẹ̀kùn fíríìjì tí rọ́bà etí rẹ̀ ti gbó á fà gbọ̀ọ̀rọ̀ kí ó tó padà lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni a ó gbọ́ ẹsẹ̀ Bọ̀dá Lásún lórí sìmẹ́ńtì àgbàlá, géètì á dún, ilé á sì parọ́rọ́. Ìyá mi tí kò tíì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì á mí kanlẹ̀, á ní, "Ó ti jáde. Ẹ lọ wo ohun tó kù." Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán. N ó ṣí ike gàrí, n ó rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ń dán. N ó gbé agolo mílíìkì, á fúyẹ́ bíi pé afẹ́fẹ́ ni wọ́n tà fún wa. Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni pé ààyè wọn gan-an ni gbogbo wọn wà, a ti nù wọ́n mọ́, a ti dé wọn dáadáa. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná wo kọ́bọ́ọ̀dù wa á rò pé ilé tí oúnjẹ pọ̀ sí nìyẹn.

Derrière la Prison là ń gbé, ní Libreville, àdúgbò tí ilé fara ti ilé débi pé a máa ń mọ ohun tí aládùúgbò fẹ́ sè kí ó tó da epo síná. Orúkọ àdúgbò náà túmọ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n, kò sì sí àsọdùn níbẹ̀. Àwa ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kì í ronú nípa rẹ̀ rárá. Bọ̀dá Lásún nìkan ló máa ń sọ pé ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ òun lọ́rùn, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun mọ iwájú. Bàbá mi jẹ́ télọ̀, ọmọ Kétu ní ilẹ̀ Benin, tó máa ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ Nàgó rẹ̀, Yorùbá ti ìhà ọ̀dọ̀ wọn, tí kì í sì í fẹ́ ìjà nínú ilé. Ìyá mi jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń ta bàtà ọmọdé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ bàbá mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Ṣadé wà ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, Faransé ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kí Yorùbá tó dé, ó sì gbà pé kò sí ohun tí òun kò mọ̀. Èmi ni àbíkẹ́yìn. Bọ̀dá Lásún jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ìyá mi, ọkùnrin gíga tó ń rán aṣọ sára àga ní ilé iṣẹ́ kan ní àdúgbò PK8. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti dé láti Nàìjíríà, ó sì mọ Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n Faransé tó gbọ́ kò ju ti ọjà àti ti takisí lọ.

Yàrá tó fara ti ilé ìdáná ni wọ́n fún un. Nígbà tó dé, wọ́n jókòó, wọ́n sì fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa jẹun. Bàbá mi ni yóò máa ra ìrẹsì àti iṣu, ìyá mi ni yóò máa ra epo, ata àti ẹran, Bọ̀dá Lásún ni yóò máa mú gàrí, mílíìkì àti ṣúgà wá. Ohun gbogbo yóò wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, ẹnikẹ́ni tí ebi bá pa lè ṣí i láì tọrọ. Àdéhùn tó dára ni. Bọ̀dá Lásún kò sì fi ìgbà kan jẹ gbèsè ìpín tirẹ̀, èyí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le láti sọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí nǹkan tán. Ìyá mi á gbé omi kaná fún ẹ̀bà, omi á hó, á ṣí ike, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. A ó wá máa sáré lọ sí bùtíkì, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù ọmọ Mali tó wà ní ìkángun àdúgbò, omi á tutù, bàbá mi á jókòó ti ọbẹ̀ nìkan. Kúlà ọbẹ̀ inú fíríìjì ńkọ́? Á wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ á wà lórí rẹ̀, omi ata díẹ̀ á wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò tó òkèlè ọmọdé kan. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ewé wé, èyí tí gbogbo Libreville ń pè ní bâton, ewé náà nìkan la ó bá, tí a tún ti ká padà bó ṣe wà.

Ní ilé tèmi ní Sibang lónìí, ọmọkùnrin mi máa ń dá páálí omi ọsàn òfìfo padà sínú fíríìjì, èmi á pariwo lé e lórí, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Ìgbà yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá mi lè bá ẹnikẹ́ni jà lọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ fún ìbátan rẹ̀ pé ó ń jẹun jù. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí òun bá sọ ọ́, kí ọjọ́ tó kanrí ọ̀rọ̀ á ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù, wọ́n á ní Ìyá Ṣadé ka òkèlè mọ́ ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ lẹ́nu nílẹ̀ àjèjì. Nítorí náà, ó ń sọ ọ́ fún ìkòkò. Ó ń sọ ọ́ fún ìgbálẹ̀. Bó bá ń fọ abọ́, á máa gbé wọn lélẹ̀ gbàù-gbàù, á ní ilé yìí kì í ṣe ilé ìtura, á ní àwọn kan rò pé gàrí máa ń hù nínú ike. Bọ̀dá Lásún á máa rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o," á gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ á bá a gbé e. Bàbá mi á wo ilẹ̀. Èmi á máa wo ojú ìyá mi, torí mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń tì sẹ́yìn yìí máa já lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ Sátidé ló já. Obìnrin ọmọ Gabon kan tó máa ń rán aṣọ ìsìn rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá mi wá wọn aṣọ, ìyá mi sì ní kó jókòó, kó mu tíì. Ó gbé àwo jáde, ife tó dára jù nílé wà lórí rẹ̀, agolo mílíìkì wà láàárín, ìdérí rẹ̀ ń dán. Obìnrin náà ló ṣí i fúnra rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó tún wo ìyá mi. Ó rọra dé e padà, ó sì ní tíì láìsí mílíìkì ni dókítà ní kí òun máa mu. A mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ló bu síbí tó kún. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí tó fi sìn ín dé géètì. Nígbà tó padà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ojú tì í, ó sì jókòó sórí àpótí.

Ṣadé ló mú àbá wá ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ń kọ́ wọn ní lycée bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, òun ló sì gba máàkì tó ga jù. Ó ní bí Màmá kò bá lè sọ ọ́, kí a kọ ọ́, kí a kọ ọ́ bí ilé iṣẹ́ ìjọba ṣe ń kọ ọ́ gan-an, Bọ̀dá Lásún á rẹ́rìn-ín, á sì gbọ́. Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní kí ó mú bébà wá. Ìyá mi ń pè é ní Yorùbá, Ṣadé ń yí i sí Faransé, ó sì ń ṣàlàyé bí ó ti ń kọ. Ó ní orúkọ ẹni tó ń kọ̀wé ló máa ń wà lápá òsì lókè, ti ẹni tí a kọ ọ́ sí wà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn ìyẹn ni kókó ọ̀rọ̀, tí a ó fa ilà sí nídìí. A kì í bú èèyàn nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Bí ó ti ń dùn ọ́ tó ni kí o máa fi ọ̀wọ̀ kún un tó. A ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, a ó so ẹ̀rí mọ́ ọn, a ó sọ ohun tí a fẹ́, a ó kí i pẹ̀lú ìkíni tó gùn, lẹ́yìn náà ni a ó kọ àwọn tí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí, tí wọ́n ń pè ní ampliations. Ó ní lẹ́tà tí kò ní ìyẹn nídìí kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Mo ṣì rántí gbogbo rẹ̀. Bó ṣe lọ ní Yorùbá nìyí:

"Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ilé Ìdáná, Derrière la Prison, Libreville.

Sí Ọ̀gbẹ́ni Lásún, olùgbé yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

Kókó ọ̀rọ̀: Ẹ̀sùn lórí oúnjẹ àjọni tó ń pòórá, àti lórí àwọn ohun èlò òfìfo tó ń padà sí ààyè wọn.

Ọ̀gbẹ́ni,

Ó jẹ́ ọlá fún wa láti mú àwọn ohun wọ̀nyí wá sí etígbọ̀ọ́ yín. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a bu gàrí kún ike dé ọrùn. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, síbí nìkan la bá nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ẹran tó wà nínú kúlà ọbẹ̀ rin ìrìn àjò láì dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Sátidé, níwájú àlejò pàtàkì, agolo mílíìkì kan tí a dé dáadáa dójú ti Olórí Ìgbìmọ̀ yìí gidigidi.

Ìgbìmọ̀ kò sọ pé kí ẹ má jẹun. Ìgbìmọ̀ mọ̀ pé ẹ ga. Ṣùgbọ́n Ìgbìmọ̀ ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ béèrè pé kí ẹni tó bá jẹ nǹkan tán wí pé ó tán, kí ó gbé ohun èlò òfìfo sórí wíńdò níbi tí gbogbo ayé á ti rí i, kí ó má sì dé e mọ́. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, Ìgbìmọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aláṣẹ tó yẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, Ọ̀gbẹ́ni, ẹ gba ìkíni wa tó jinlẹ̀ jù lọ.

Ẹ̀rí tí a so mọ́ ọn: agolo mílíìkì kan, òfìfo, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀.

Àwọn tí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí: Bàbá Ṣadé, ọ̀gá ọlọ́pàá àdúgbò, àpótí ìwé."

A rẹ́rìn-ín débi pé omi jáde lójú ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí ilé wa ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Bàbá mi pàápàá, tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, lọ mú òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, èyí tó rí róbótó, ó sì fi yíǹkì búlúù tẹ̀ ẹ́ sórí ibi tí ìyá mi buwọ́ lù. Ó ní lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, takàdá lásán ni ní ìlú yìí. Bọ̀dá Lásún kò sí nílé, ọ̀gá rẹ̀ pè é síṣẹ́ pàjáwìrì kan. Ṣadé fi sẹ́lótéèpù lẹ lẹ́tà náà mọ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì fi okùn so agolo kọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀. A wá sá pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì láti wo bí yóò ṣe rẹ́rìn-ín.

Ó dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó rí bébà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì sún mọ́ ọn. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ìlà. Ó dúró lórí orúkọ rẹ̀. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ tí a fa ilà sí nídìí, Plainte, ìyẹn ẹ̀sùn, tí gbogbo àlejò ìlú yìí mọ̀ bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀ ní Faransé. Ó sún sísàlẹ̀, dé ibi òǹtẹ̀, dé ibi tí wọ́n kọ Commissariat, àgọ́ ọlọ́pàá, sí. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo géètì. Lẹ́yìn náà ó rọra ṣí sẹ́lótéèpù kúrò kí bébà má baà ya, ó ká a sí mẹ́rin, ó tú okùn agolo, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ṣadé tó ti fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀ láti pa ẹ̀rín mọ́ra, rọra sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Nígbà tí ìyá mi pè é wá jẹun, ó dáhùn láti inú yàrá pé òun ti jẹun. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé. Ìyá mi wo bàbá mi, ó ní, "Ó ti gbọ́," ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò fi hàn pé ó dá a lójú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò gbọ́ ìdérí kankan. Ìdákẹ́jẹ́ ló jí mi. Mo dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán mi, mo ṣí ike gàrí, ó kún. Ẹ̀rù bà mí nítorí gàrí tó kún. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ wà ní ṣíṣí, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà ní títẹ́, báàgì rẹ̀ kò sí níbẹ̀, agolo mílíìkì náà wà lórí ìrọ̀rí. Mo pe ìyá mi. Bàbá mi ló kọ́kọ́ dé, ó wo yàrá náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ibẹ̀ ló ti sọ ohun tí Bọ̀dá Lásún ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ti kọjá ọjọ́, ó ti kó ìwé lọ fún òmíràn, wọn kò sì tíì fún un lésì. Ìdí nìyẹn tó fi ń jáde ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀, kí àwọn ọlọ́pàá tó to ara wọn sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ oúnjẹ gbogbo ọjọ́ tán ní ìjókòó kan nínú òkùnkùn ilé ìdáná, torí ó ń bẹ̀rù láti rìn jáde ní PK8 lọ ra búrẹ́dì lásán. Ìyá mi ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun. Bàbá mi ní ojú ń tì í. Ṣadé ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún kí bàbá mi tó sọ̀rọ̀ tán, ó ń sọ pé, "C'était pour rire, Papa, àwàdà ni, ìwé tí wọ́n kọ́ wa ni, ó gbọ́dọ̀ ní ampliations."

Fóònù rẹ̀ kò wọlé. Ìyá mi kò lọ sọ́jà, àwa náà kò lọ sílé ìwé. Gbogbo wa wọ takisí lọ sí PK8. Ní ojú ọ̀nà ńlá, ọkọ̀ dẹ ìrìn, mo rí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n dá ọkọ̀ kékeré kan dúró, wọ́n to àwọn èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, báàgì wọn wà nílẹ̀ níwájú wọn. Ìyá mi sún mọ́ fèrèsé, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. Ọkùnrin gíga kan wà láàárín wọn tó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọkùnrin náà yí ojú padà, kì í ṣe òun. Bàbá mi fi káàdì tirẹ̀ hàn, wọ́n ní ká máa lọ. Títí di òní, bí wọ́n bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà yẹn, ọwọ́ mi yẹn kan náà ni mo máa ń fọwọ́ kàn.

Ọ̀gá Bọ̀dá Lásún, bàbá kan láti Porto-Novo tí irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún òwú àga, dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kò sì jẹ́ ká wọlé. Ó ní òun kò rí Lásún láti àná. Ó ń wo ojú àti aṣọ bàbá mi bí ẹni tó ń wá ọlọ́pàá lára rẹ̀. Ìyá mi kò bá a jiyàn. Ó tẹjú mọ́ àga gígùn kan tí wọn kò tíì rán aṣọ sí, tó dúró lórí ẹsẹ̀ igi lásán, báàgì Bọ̀dá Lásún sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó dojú kọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Lásún, èmi ni. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé mi ju Bàbá Ṣadé àti àwọn ọmọ lọ." Lẹ́yìn náà Bọ̀dá Lásún yọ láàárín àwọn fóòmù tí wọ́n tò síbẹ̀, òwú wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kí bàbá mi. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó fa lẹ́tà náà yọ nínú àpò, bàbá mi gbà á, ó sì kà á sókè fún un ní Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní ohùn Kétu pẹ̀lẹ́ rẹ̀ yẹn. N kò gbọ́ ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ibi tí a ti rẹ́rìn-ín ní ọ̀sán àná, ẹran tó rìnrìn àjò, Ìgbìmọ̀ tó mọ̀ pé ó ga, ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn àga, kò sì sẹ́ni tó gbé wọn. Nígbà tó kà á tán, Bọ̀dá Lásún wo ìyá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, mo rí orúkọ mi, mo rí òǹtẹ̀, mo rí ọlọ́pàá. Kí ni mo tún fẹ́ kà?"

"Àwàdà ni, Lásún. Ọlọ́run gbọ́, àwàdà ni."

"Bí ẹ bá fẹ́ kí n dín oúnjẹ kù, ẹnu yín ni kí ẹ fi sọ ọ́ fún mi. N ò ní bínú sí ẹnu yín."

Ìyá mi ní ẹnu òun kò gbé e. Ó wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ yìí wá: kí ló dé tó fi ń dá òfìfo padà, tó fi ń dé e, tó fi ń nù ún bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá Lásún wò ó bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyàwó bàbá òun ni òun dàgbà, ẹni tó bá sì gbé abọ́ òfìfo lọ síwájú obìnrin náà ti sọ pé kò bọ́ òun yó nìyẹn, ẹkún ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n á nù ún, wọ́n á dé e, wọ́n á dá a padà sí ààyè rẹ̀. Bí ó bá rí i fúnra rẹ̀, á bu òmíràn sí i. "Ọ̀wọ̀ yín ni mo rò pé mò ń ṣe," ló wí. Ìyá mi jókòó sórí igi àga tí kò ní aṣọ yẹn, ó sì sunkún níwájú gbogbo wa.

Ó bá wa padà sílé. Ọ̀gá rẹ̀ ló fi ọkọ̀ tó fi ń gbé àga gbé wa gba ojú ọ̀nà inú. Èèyàn á rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ló ti le sí i. Láti ọjọ́ yẹn ike gàrí wa kò tán mọ́. Ọbẹ̀ ń wà nínú kúlà títí tó fi ń kan. Bọ̀dá Lásún ń mú ìpín tirẹ̀ wá bí àtẹ̀yìnwá, ó ń kí wa, ó ń bá ìyá mi gbé omi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kó wá jẹun, á ní òun ti yó. Ó ra agolo mílíìkì kékeré kan, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ó gbé e sí ìkángun kọ́bọ́ọ̀dù, ìyẹn nìkan ló sì ń fọwọ́ kàn, pẹ̀lú búrẹ́dì tó ń dúró lójú títì rà báyìí, níbi tí àwọn ọlọ́pàá ti lè mú un. Kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi fún ọrùn rẹ̀. Ní àràárọ̀, ìyá mi á dìde fúnra rẹ̀ lọ ṣí àwọn ìdérí, á rí i pé ó kún, á tún dé e. Ó máa ń bú òfìfo tẹ́lẹ̀. Wàyí, kíkún ló ń bà á nínú jẹ́, bàbá mi sì ní kí ó fi í sílẹ̀, ó ní ọkùnrin tí ojú tì kì í ṣeé fà lọ́wọ́.

Kò fi í sílẹ̀. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń ṣa ẹ̀wà, nígbà tó gbé agolo tó ní orúkọ Lásún lára. Ìyá mi kórìíra mílíìkì láti kékeré, òórùn rẹ̀ nìkan máa ń rìn ín. Ó bù ú sínú omi gbígbóná, ó mu ún, ó tún bù ú, ó tún mu ún, ojú rẹ̀ ń fún pọ̀, títí tí síbí fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ó nu agolo náà, ó dé e, ó sì gbé e padà sí ìkángun gan-an tó wà. Ó wò mí, ó ní kí n máa ṣa ẹ̀wà mi. A ń retí títí. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Lásún ṣí i ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìdérí dún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá lórí sìmẹ́ńtì, géètì dún. Ìyá mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo mọ̀ pé kò sùn.

Ìwé ìgbélùú Bọ̀dá Lásún jáde ní ọdún yẹn kan náà, òun gan-an sì ti ní ṣọ́ọ̀bù àga tirẹ̀ báyìí. Bó bá wá kí mi ní Sibang, ọ̀dọ̀ ìkòkò ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kò ní kúrò lọ́dọ̀ wa ni ọjọ́ tí a bá bébà kan, láìpẹ́ lẹ́yìn àárọ̀ yẹn, lára ilẹ̀kùn yàrá àwọn òbí mi, agolo òfìfo so sísàlẹ̀ rẹ̀. Yorùbá ló fi kọ ọ́. Ó ti ní kí Ṣadé fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han òun: orúkọ wà lósì, orúkọ wà lọ́tùn-ún, ilà wà nídìí kókó ọ̀rọ̀. Ìyá mi dúró ní àgbàlá nínú ìró, ó sì kà á sókè. Ó ní ó jẹ́ ọlá fún òun láti mú un wá sí etígbọ̀ọ́ Olórí Ìgbìmọ̀ pé ẹnì kan nínú ilé yìí ti mu mílíìkì òun tán, ó sì ti dá agolo padà, bẹ́ẹ̀ ni òun mọ̀ pé ẹni náà kì í mu mílíìkì. Ó ní nítorí náà, òun gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpè wá sídìí oúnjẹ, òun yóò sì jẹ ẹ̀bà lónìí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ó pọ̀, torí òun ga. Ìyá mi fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Bàbá mi ló gba bébà náà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ka ìlà tó gbẹ̀yìn.

"Àwọn tí a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí: kò sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni."